Ìpè Òru Mọ́kànlélógójì: Bí A Ṣe Tún Ìjábọ̀ Ọdọọdún Àwọn Àlùfáà Ilé Ìwòsàn Kọ ní Àkúrẹ́

Ìjábọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ fún ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ìwòsàn wa gùn tó ojú ewé mọ́kànlá. Àwòrán ìsìn Kérésì wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ìjọ tó fún àwọn aláìsàn ní ọṣẹ àti mílíìkì wà níbẹ̀, gbólóhùn kan sì wà tí mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: "Ní ọdún yìí, a bẹ aláìsàn wò ní ìgbà 2,846." Lọ́jọ́ ìpàdé, mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ṣí ìwé náà, wọ́n kà á fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Rẹ́fúrẹ́ǹdì, ẹ ṣeun. Ká ní 1,400 lẹ kọ síbí, kí là bá ṣe tó yàtọ̀ sí èyí tá a máa ṣe báyìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ wa sí ìpàdé mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sígbà náà. Ohun tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí mo mọ àwọn àlùfáà ilé ìwòsàn mìíràn tí wọ́n ń kọ irú ìjábọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ yẹn lọ́dọọdún. Àkúrẹ́ ni ilé ìwòsàn náà wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti yí àwọn nọ́mbà kan àti àwọn àmì kan díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi dá aláìsàn mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe rí.

Mẹ́ta péré ni wá ní ẹ̀ka wa. Èmi ni àlùfáà Áńgílíkà tí ilé ìwòsàn gbà síṣẹ́, èmi nìkan ni wọ́n sì ń sanwó oṣù fún. Ààfáà kan ń ti Òkè-Àró wá lẹ́yìn ìrun alásárì. Sísítà kan láti ìjọ Àgùdà máa ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ó sì gbà kí a máa pe òun lóru bí ó bá di dandan. Owó ara wọn ni àwọn méjèèjì fi ń wọkọ̀.

Ìbéèrè alága lé mi padà sídìí ìwé ńlá tí a fi ń ka ìbẹ̀wò. Bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin láàárọ̀, tí mo kí ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, tí mo gba àdúrà kan lẹ́nu ọ̀nà kí n tó jáde, 24 ni mò ń kọ. Bí mo bá jókòó fún wákàtí kan àti ààbọ̀ ti ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọn óò gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyọ kan ni mò ń kọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ wa bá wúwo jù lọ ló wá ń dà bí ọjọ́ tí a kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́mbà yìí ga kò ní láti ṣe ju pé kó máa rìn kíá, kó má sì jókòó ti ẹnikẹ́ni.

Mo pe Ààfáà àti Sísítà, a sì fẹnu kò pé a óò ya ìkíni sọ́tọ̀. Ní Ọsirélíà, àwọn àlùfáà ilé ìwòsàn máa ń pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà bíi mẹ́rin: kí wọ́n wádìí ohun tó ń jẹ aláìsàn lọ́kàn, kí wọ́n dúró tì í, kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn, kí wọ́n ṣe ètò ìsìn fún un. A lo irú ìpín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a parí, ìkíni tó wà nínú 2,846 yẹn lé ní 2,300. Èyí tí a jókòó sí ní tòótọ́ kò pé 550.

Mi ò sọ pé ìkíni kò wúlò o. Àgbàlagbà wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ Àìkú ni ẹnikẹ́ni kò ti bẹ̀ ẹ́ wò, tó jẹ́ pé "Ẹ káàárọ̀, Bàbá" tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà tí kò kan oògùn tàbí owó. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ alákòóso ní láti pinnu nǹkan, iye ìkíni kò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pinnu ohunkóhun.

Nínú 550 yẹn ni mo ti wá bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kó ti wà lójú ewé àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ló pè wá? Bí àlùfáà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ibùsùn kan, ohun tí ìwé yóò sọ ni ibi tí ó wu àlùfáà láti lọ. Bí aláìsàn, tàbí ẹbí rẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì bá ránṣẹ́ pè é, ìgbà yẹn ni ìwé yóò sọ ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Ìwé wa kò ní ojú ìlà kankan fún èyí. Kò sì ní ojú ìlà fún ìgbà tí wọ́n pè wá tí a kò dé.

Ibi mẹ́ta ni a ti wá a kiri. Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù mi. Èkejì ni ìwé ìjábọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, torí pé bí nọ́ọ̀sì bá pe àlùfáà, ó sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú aago tó pè é. Ẹ̀kẹta ni ìwé ilé ìgbókùúsí, níbi tí wákàtí ikú wà. Métírọ̀nù àgbà gbà kí n ka ìwé àwọn nọ́ọ̀sì nínú ọ́fíìsì wọn. Wọn kò gbà kí n gbé e jáde, wọn kò sì gbà kí n ya fọ́tò rẹ̀, inú mi sì dùn sí èyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bébà gígùn kan tí mo fa ìlà sí: wákàtí ìpè, wọ́ọ̀dù, ẹ̀sìn, wákàtí tí a dé, ohun tí a bá níbẹ̀. Mi ò kọ orúkọ kankan.

Fóònù tí mo lò ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ti bàjẹ́, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì bá a lọ. Nítorí náà, oṣù mẹ́wàá péré ni ìṣirò wa bò, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìjábọ̀. Ó wù mí kí n fojú bu oṣù méjèèjì tó kù, kí ọdún lè pé. Ààfáà ló ní, "Ẹ jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan tí a fojú bù, wọn ò ní gba èyí tó kù gbọ́."

Ìpè 112 ni mo rí. Ti ọ̀sán, láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, jẹ́ 71, a sì dé ibi 64 nínú rẹ̀ lásìkò. Ohun tí a pè ní "lásìkò" ni pé a dé kí ẹ̀mí tó bọ́, tàbí kí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè wá tó kọjá lọ, bí àpẹẹrẹ kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ti òru jẹ́ 41. A dé ibi 17 lásìkò. Ní ibi mẹ́sàn-án, a dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ní ibi 15, ẹnì kankan nínú wa kò dé rárá.

Mo ka bébà yẹn lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé mi ní Ọ̀bà-Ilé, omi sì bọ́ lójú mi. Ojú ewé mọ́kànlá ni mo ti kọ, tí mo tò ó bí ẹni to ọkà, láì sọ pé nínú ìpè òru 41, ibi 24 ni wọ́n ti dúró dè wá lásán.

A tọ ipasẹ̀ ìpè 24 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ jẹ́ ti ọkọ̀. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti kọjá, ọ̀kadà tí yóò ti Ọ̀bà-Ilé gbé èèyàn wọ àárín ìlú kì í pọ̀, iye tí ó bá wu ọlọ́kadà ló sì máa sọ. Ìgbà kan wà tí owó kò sí lọ́wọ́ mi rárá. Márùn-ún jẹ́ ti géètì. Àwọn ọlọ́dẹ kì í jẹ́ kí àlejò wọlé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n Sísítà kò ní káàdì ìdánimọ̀ ilé ìwòsàn. Lóru ọjọ́ kan, ó dúró níta fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú kọmúníọ́nù mímọ́ nínú báàgì rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin tó béèrè fún un ń kú lọ nínú ilé. Mọ́kànlá tó kù jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, ìdí kan náà ló sì mú gbogbo wọn: kò sí nọ́mbà Ààfáà lára ògiri.

Mo gbọ́dọ̀ dúró lórí èyí, nítorí àbùkù mi ni. Bébà tí mo fúnra mi lẹ̀ mọ́ ògiri nídìí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo wọ́ọ̀dù, nọ́mbà mi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá pè mí, èmi náà á pe Ààfáà. Lọ́sàn-án, ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa. Lóru, ó túmọ̀ sí pé fóònù méjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí ẹni méjì jí lójú oorun, kí nẹ́tíwọ́kì sì dúró lẹ́ẹ̀mejì, kí Mùsùlùmí kan tó lè rí Ààfáà. Nínú ìpè òru 41, ti Kristẹni jẹ́ 28, a sì dé ibi 15 lásìkò. Ti Mùsùlùmí jẹ́ 13, a dé ibi méjì. Sísítà ló kọ́kọ́ pín wọn sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi bébà náà hàn mí, kò sọ nǹkan kan. Ìyá tó bí mi, Mùsùlùmí ni bàbá tó bí wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe lo gbogbo ọdún láì rí i.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá náà ni màmá kan tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ọjọ́bọ̀ ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́, nọ́ọ̀sì rí i pé èémí màmá ti ń jìnnà síra, ó sì pè mí. Mo pe Ààfáà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ti pa fóònù wọn. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè pè. Màmá kú ní aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà, ó ń retí Ààfáà tí yóò wá rán màmá létí kálímà kí ẹ̀mí tó bọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ ogójì, èmi àti Ààfáà lọ bá ọmọbìnrin náà ní ìsọ̀ rẹ̀, a tọrọ àforíjì. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ohun tó wọ mí lára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Mo mọ kálímà, sà. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo rò pé Ààfáà ló gbọ́dọ̀ kà á sí màmá létí, mo wá ń bẹ̀rù kí n má lọ ṣì í ṣe." Ààfáà bo ojú wọn. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé Mùsùlùmí èyíkéyìí ló lè rọra kà á sétí ẹni tó ń lọ, kò di dandan kó jẹ́ Ààfáà, pé ọmọ ẹni gan-an sì dára níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò dáhùn fún ìgbà pípẹ́.

Nǹkan méjì ni ìbẹ̀wò yẹn fún ìjábọ̀ wa. Ó fi hàn wá pé ohun tí màmá náà ṣaláìní lóru yẹn lè jẹ́ bébà kan péré, tí Ààfáà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, tí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá lè fà lé ẹbí lọ́wọ́: ẹ lè ka kálímà sí i létí fúnra yín, ẹ lè bẹ nọ́ọ̀sì kó bá yín yí i kọjú sí ìhà Kíbílà, bí ẹ bá fẹ́ sìnkú ní kíákíá, ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí ikú nìyí. Ó sì fún wa ní ìtàn kan tí a ní àṣẹ láti sọ. A ka ohun tí a kọ sí ọmọbìnrin náà létí. Ó ní kí a yọ orúkọ àìsàn màmá òun kúrò, a yọ ọ́. Èyí tó kù, ó ní, "Ẹ kọ ọ́, kó yé wọn."

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí kò sí lọ́kàn mi nígbà tí mo kọ ìjábọ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìyẹn, mo sọ ìtàn obìnrin aláṣọ kan tó pàdánù ìbejì ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Mi ò dárúkọ rẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Kí ìpàdé yẹn tó tú ká, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ fà sún mọ́ mi, ó dárúkọ ọkọ obìnrin náà, ó ní ṣé òun ni. Ní ìlú bíi tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, àti ìbejì, tí wọ́n bá ti wà pa pọ̀, orúkọ ni. Obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi lórí ibùsùn ní aago méjì òru, kò sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ alákòóso. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹ́ àṣírí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 sì ka ìlera èèyàn àti ẹ̀sìn rẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ tó yẹ kí a dáàbò bò ju èyí tó kù lọ. Ìwé àwa àlùfáà ló ní méjèèjì lójú ìlà kan náà. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀dà náà padà, mo kà wọ́n kí wọ́n pé, mo sì sun wọ́n. Láti ìgbà náà, kí ìtàn kan tó wọ ìjábọ̀, a máa ń kà á fún nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bó bá mọ ẹni tí à ń sọ, ìtàn náà kò tíì ṣeé kọ.

Ẹ̀ka pàjáwìrì ló fi ohun mìíràn yé mi nípa nọ́mbà. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, wọ́n pè wá lóru ní ìgbà mẹ́sàn-án. Láti oṣù keje títí ọdún fi parí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹni tó bá wo bébà lásán yóò ní wọn kò nílò àlùfáà níbẹ̀ mọ́. Mo lọ bi nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ó ní, "Sà, a pè yín pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ fún ẹbí pé àlùfáà ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò wá. Àwa ni wọ́n ń bínú sí. A ò wá pè mọ́." Ìyẹn ni pé 41 kò tó iye tí ó yẹ kó jẹ́. Ìdí tí a fi kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ nìyí pé bí a bá tún ọ̀nà ṣe, ìpè òru yóò kọ́kọ́ pọ̀ sí i, kí wọ́n má baà rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí i.

Àwọn gbólóhùn kan wà tí a pa rẹ́. Mo ti kọ tẹ́lẹ̀ pé àdúrà wa mú kí àwọn aláìsàn méjìlá tètè lọ sílé. Mo gba àdúrà gbọ́, òun ni mo fi ayé mi ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn méjìlá náà gba oògùn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ẹbí wọn sì se ẹ̀kọ wá fún wọn láràárọ̀, mi ò sì ní ọ̀nà tí mo lè gbà ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn nínú ìwé ìṣirò. Mo pa á rẹ́, a sì fi ohun tí a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ rọ́pò rẹ̀: wọ́n pè, a dé, tàbí a kò dé.

A sì kọ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ti dábàá pé kí àwọn àlùfáà máa bá ilé ìwòsàn rọ àwọn tó kọ ẹ̀jẹ̀ gbígbà nítorí ẹ̀sìn wọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ni láti ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ yékéyéké. Tiwa ni pé kí aláìsàn ní ẹni tí yóò jókòó tì í nígbà tó bá ń ronú, tí kò ní tì í síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Bí aláìsàn bá fura pé ilé ìwòsàn ló rán wa wá yí i lọ́kàn padà, kò ní sọ òótọ́ fún wa mọ́.

Ìjábọ̀ kejì jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Ojú ewé àkọ́kọ́ ní ìpè 112, bí a ṣe rí wọn, oṣù méjì tí a kò rí, àti ìpè òru 24 pẹ̀lú ìdí wọn. Ìtàn màmá yẹn wà lójú ewé kejì. Ohun tí a ń béèrè wà lójú ewé kẹta, a sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ iye ìpè tí yóò tún ṣe. Lọ́dún tó ṣáájú, mọ́tò ni mo béèrè, wọn kò tilẹ̀ jíròrò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, káàdì ìdánimọ̀ mẹ́ta àti orúkọ wa lọ́wọ́ àwọn ọlọ́dẹ ló ṣáájú: ìyẹn yóò tún ìpè márùn-ún ṣe, owó rẹ̀ kò sì ju ti bébà àti rọ́bà tí wọn óò fi bò ó lọ. Owó ọkọ̀ òru ló tẹ̀lé e. Ìpè òru 41 ní oṣù mẹ́wàá jẹ́ nǹkan bíi mẹ́rin lóṣù. A fi í sí mẹ́jọ, torí a mọ̀ pé yóò pọ̀ sí i. Ní ₦3,000 fún ìpè kan, ₦24,000 lóṣù nìyẹn, ₦288,000 lọ́dún. Ẹ̀kẹta ni pé kí nọ́mbà Ààfáà àti ti Sísítà wà lára ògiri pẹ̀lú tèmi, kí wọ́n sì máa fún Ààfáà ní owó díẹ̀ lóṣooṣù, kí a lè fi ẹ̀tọ́ bẹ wọ́n pé kí wọ́n má pa fóònù lóru. Ìgbẹ̀yìn ni ìwé ìpè tuntun fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tí ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yóò wà, kì í ṣe ọwọ́ wa. A fẹ́ kí ẹni tó pè ni yóò kọ bóyá a dé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹnikẹ́ni kò béèrè iye ìbẹ̀wò. Aṣírò owó bèèrè ìdí tó fi jẹ́ mẹ́jọ, mo ṣàlàyé ti ẹ̀ka pàjáwìrì. Métírọ̀nù àgbà ní òótọ́ ni, àwọn nọ́ọ̀sì òun ti sọ ọ́ létí òun rí. Alága ka ìtàn màmá yẹn, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bi Ààfáà léèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ọmọ lè ka kálímà fún ìyá rẹ̀. Ààfáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alága ní kí bébà yẹn wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Wọ́n fọwọ́ sí káàdì àti orúkọ lẹ́nu géètì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí owó ọkọ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí a mú ìwé ìpè wá kí wọ́n tó fi kún un. Wọ́n gba ìwé ìpè tuntun wọlé. Owó oṣù Ààfáà nìkan ni wọn kò fọwọ́ sí. Wọ́n ní kò sí nínú ìṣúná ọdún náà, pé kí a mú un padà wá.

Ìwé ìpè tuntun náà ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Ìpè òru 23 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún nínú wọn láti ẹ̀ka pàjáwìrì. A dé ibi 18 lásìkò. Géètì kò dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Nínú márùn-ún tí a kò dé, mẹ́ta jẹ́ ti Mùsùlùmí, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sí òru tí Ààfáà kò sí ní Àkúrẹ́, tí wọ́n lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Nọ́ọ̀sì kọ "kò dé" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú yíǹkì pupa. Mo ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sí òkè ojú ewé kìíní ìjábọ̀ tó ń bọ̀, mo sì kọ iye owó oṣù tí a béèrè fún Ààfáà sábẹ́ wọn.